Ìpara tó ń "pa àmì ojú rẹ́ lọ́jọ́ 7": kí ni mo lè kọ sábẹ́ àwòrán tí n kò ní parọ́?

Ọmọ Akọ̀wé
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni kí n máa kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àwòrán ọjà fáwọn tó ń tajà lórí Ínsítágíráàmù. Oníbàárà mi kan kó ọjà mẹ́ta fún mi lẹ́ẹ̀kan náà: ìpara ojú, tíì ewé tó ní ó ń wẹ inú mọ́, àti ètò ìdókòwò kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń polówó. Ti ìpara yẹn ló ká mi lára jù, torí ó ti kọ ohun tó fẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀:

"Ó ń pa àmì dúdú ojú rẹ́ láàárín ọjọ́ 7! Ìwádìí sáyẹ́ǹsì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. 93% àwọn obìnrin tó lò ó ló rí ìyàtọ̀. Kò ní kẹ́míkà kankan."

Mo bi í pé ẹ̀rí ńkọ́? Kíá ló fi fáìlì mẹ́ta ránṣẹ́: ìwé ìwádìí kan, èsì ìbéèrè tí wọ́n bi àwọn tó lo ìpara náà, àti fọ́tò ẹ̀yìn ike. Mo kà wọ́n, wọ́n jọ òótọ́ lójú mi, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Báwo lẹ̀yin ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀rí tí wọ́n kó fún yín gbe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ lóòótọ́?

Òǹtajà Kékeré
Ọmọ ìyá, má da ara ẹ láàmú. "Lè" ni kó o fi sí i. Dípò "ó ń pa àmì rẹ́", kọ "ó lè pa àmì rẹ́", kó o wá fi "èsì lè yàtọ̀ lára ẹnì kọ̀ọ̀kan" parí ẹ̀. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò tíì sẹ́ni tó mú mi.

Ojú Inú
Fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ yẹn, rí i dájú pé kì í ṣe tẹlòmíì o. Wọ́n ti pa ojú ewé mi rẹ́ rí nítorí fọ́tò tí mi ò mọ̀ pé ó lólóhun.

Ọmọ Akọ̀wé
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Fọ́tò kọ́ ni mò ń béèrè, ọ̀rọ̀ tó máa wà lábẹ́ ẹ̀ ni.

Ìyá Alápòpọ̀
Ọmọ mi, o ṣeun tó o béèrè. Èmi ló ń po ìpara, ọdún kọkànlá mi nìyí nídìí ẹ̀, mo sì ti rí irú fáìlì mẹ́ta yẹn tó pọ̀. Kí n tó sọ ohunkóhun, dá mi lóhùn: orúkọ wo ló wà lẹ́yìn ike náà, báwo ni wọ́n ṣe tò wọ́n? Ìpara wo ni wọ́n lò nínú ìwé ìwádìí yẹn? Àwọn tí wọ́n bi ní ìbéèrè, mélòó ni wọ́n, kí sì ni ìbéèrè náà gan-an? Kọ ọ́ bó ṣe wà níbẹ̀, má bá wọn tún un ṣe.

Ọmọ Akọ̀wé
Ẹ ṣé mà. Ohun tó wà lẹ́yìn ike rèé:

```
Aqua, Glycerin, Cetearyl Alcohol, Phenoxyethanol, Niacinamide, Parfum
```

Ìwé ìwádìí náà dá lórí Niacinamide, oríṣi fítámì B3 kan tí wọ́n máa ń fi sínú ìpara nítorí àmì dúdú. Ìpara ibòmíì ni wọ́n lò, 5% ló wà nínú ẹ̀, ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n sì fi lò ó. Ní ti ìbéèrè, obìnrin 30 ló lo ìpara oníbàárà mi fún ọ̀sẹ̀ 4. Wọ́n bi wọ́n pé "Ṣé awọ ojú yín rọ̀ sí i?" Àwọn 28 ní bẹ́ẹ̀ ni. 28 nínú 30 jẹ́ 93% lóòótọ́, mo ṣírò ẹ̀.

Ìyá Alápòpọ̀
O káre. Ó dáa, jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ike, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn kì í wò.

Bí wọ́n ṣe ń to orúkọ yẹn kì í ṣe bó ṣe wu ẹnikẹ́ni. Nílẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, òfin ni pé ohun tó pọ̀ jù nínú ìpara ló máa ṣáájú, èyí tó kéré sí i á tẹ̀ lé e, títí a ó fi dé orí àwọn tí kò ju 1% lọ. Àwọn tí kò ju 1% lọ yìí, wọ́n lè tò wọ́n bó ṣe wù wọ́n. Wàyí o, wo Phenoxyethanol. Ohun ìpamọ́ ni, òun ni kì í jẹ́ kí ìpara bàjẹ́. Òfin Yúróòpù ò gbà kó ju 1% lọ nínú ìpara. Tó o bá rí ohunkóhun lẹ́yìn ẹ̀, ohun yẹn náà ò ju 1% lọ nìyẹn. Niacinamide tìẹ sì wà lẹ́yìn ẹ̀. Ó lè jẹ́ 1%, ó lè jẹ́ 0.1%. Èyí tí kò lè jẹ́ ni 5%, àfi tẹ́ni tó to orúkọ náà kò bá tẹ̀ lé òfin.

Ìwé tí wọ́n fún ẹ wá ń sọ̀rọ̀ nípa 5%, nínú ìpara ẹlòmíì, fún ọ̀sẹ̀ 12. Ó kéré tán, ìlọ́po márùn-ún ohun tó wà nínú ike yẹn ni. Mi ò sọ pé irọ́ ni ìwé náà o. Òótọ́ ni, àmọ́ òótọ́ ọjà mìíràn ni. Tó o bá kọ "ìwádìí sáyẹ́ǹsì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀", "rẹ̀" yẹn ni irọ́ wà, torí ìpara tó wà nínú fọ́tò lẹni tó ń kà á máa rò pé wọ́n dán wò.

Ká bọ́ sórí 93%. Kò sẹ́ni tó bi àwọn obìnrin yẹn nípa àmì dúdú. Rírọ̀ ni wọ́n bi wọ́n. Omi àti Glycerin tó ṣáájú nínú ike yẹn tó láti mú awọ rọ̀, ìpara wo ni kì í mú awọ rọ̀? Wọn ò sì fi ìpara mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ láti fi wé e. "Rọ̀" ti wá di "rí ìyàtọ̀", "rí ìyàtọ̀" wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ "pa àmì rẹ́", òǹkàwé á sì so méjèèjì pọ̀. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi wọ nọ́ńbà láṣọ ló parọ́.

Ọjọ́ 7 ńkọ́? Nínú fáìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó o kà fún mi, mi ò rí ọjọ́ 7 níbì kankan. Bi í ibi tó ti rí i. Awọ ojú àgbàlagbà máa ń gbà tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó pààrọ̀ ara rẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ bọ́jọ́ orí bá ṣe ń lọ. Àmì dúdú tó ti wà níbẹ̀ látọdún mélòó ò lè gbọ́ ti ìpara rírọ̀ kó sì kó ẹrù ẹ̀ lọ lọ́jọ́ 7.

"Kò ní kẹ́míkà kankan", pa á rẹ́. Omi gan-an, kẹ́míkà ni.

Ọmọ Akọ̀wé
Mo bi í nípa ọjọ́ 7. Ó ní "àwọn oníbàárà ló sọ bẹ́ẹ̀". Mo ní àwọn wo? Ó ní òun ò rántí.

Òǹtajà Kékeré
Ìyá wa, ẹ kú àlàyé. Àmọ́ ohun tí mo sọ nípa "lè" ńkọ́? Tí mo bá kọ "ó lè", ṣé mo ti parọ́ nìyẹn?

Ìyá Alápòpọ̀
O jàre dé ibì kan. Tí ẹ̀rí bá wà lórí ọjà náà fúnra ẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò lágbára púpọ̀, tàbí tó ṣiṣẹ́ lára àwọn kan tí kò ṣiṣẹ́ lára àwọn yòókù, "lè" ni ọ̀rọ̀ tó yẹ ẹ́. Àmọ́ "lè" kì í dá ẹ̀rí sílẹ̀ níbi tí kò sí. "Ó lè pa àmì rẹ́" náà gba pé kẹ́nì kan ti rí i tó pa àmì rẹ́.

Nǹkan kejì tún wà. Lọ wo bí ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán ṣe máa ń hàn lórí fóònù. Nǹkan bíi létà 125 péré ló máa ń hàn kí wọ́n tó gé e, tí wọ́n á ní kéèyàn tẹ̀ ẹ́ kó tó rí èyí tó kù. "Pa àmì rẹ́" máa wà lókè, "èsì lè yàtọ̀" máa wà nísàlẹ̀ níbi tẹ́nì kankan ò dé. Èmi máa ń ṣe é báyìí: mo máa ń ka ìlà àkọ́kọ́ fọ́mọ mi, màá wá gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, màá ní "kí lo gbọ́?" Ohun tó bá tún sọ fún mi lohun tí mo kọ. Ohun tó wà lọ́kàn mi ò ṣe pàtàkì.

Òǹtajà Kékeré
Ṣé ẹ mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ báwọn ẹni òótọ́ ṣe ń kọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa rà á? Àwọn tá a jọ ń tà á ń kọ "ọjọ́ 3", ẹ̀yin lẹ wá ń bá wa ṣírò 1%.

Ìyá Alápòpọ̀
Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ ká wò ó. Ohun tó ní lọ́wọ́ tí ẹ̀rí gbè nìyí:

"Obìnrin 30 lo ìpara yìí fún ọ̀sẹ̀ 4. A bi wọ́n bóyá awọ ojú wọn rọ̀ sí i. Àwọn 28 ní bẹ́ẹ̀ ni."

Kò tó létà 125, gbogbo ẹ̀ ló máa hàn. Nọ́ńbà wà níbẹ̀, iye èèyàn wà níbẹ̀, ìbéèrè tí wọ́n bi wọ́n wà níbẹ̀. Kò sí àmì dúdú níbẹ̀, torí kò ní ẹ̀rí àmì dúdú. Lójú tèmi, ó dùn ún kà ju "93%" lọ, torí "28 nínú 30" ń jẹ́ kéèyàn fojú inú rí àwọn èèyàn tó jókòó síbẹ̀. Bóyá ó máa tà tàbí kò ní tà, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi.

Aláwòrán
Mo fẹ́ fi kún un. Ọ̀rọ̀ lè mọ́, kí fọ́tò ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Tí wọ́n bá fi fọ́tò ojú "kó tó lò ó" àti "lẹ́yìn tó lò ó" sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ lè kọ "awọ rírọ̀" sábẹ́ ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, àmì dúdú tó pòórá lòǹwòran máa rí. Iná ni mo fi ń jẹun, mo mọ ohun tó ń ṣe. Tí iná bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, gbogbo kòtò àti àmì ojú á yọ. Tó bá ti iwájú wá, tó sì fẹ̀, wọ́n á rá. Èèyàn kan náà, ìṣẹ́jú márùn-ún péré láàárín méjèèjì.

Èmi ò gbà á mọ́, àfi tí iná, ibi tí wọ́n dúró sí àti ẹ̀rọ bá jẹ́ ọ̀kan náà, tí kò sí àtíkè, tí wọn ò sì fi nǹkan kan dán fọ́tò.

Ìyá Alápòpọ̀
Kódà tíná bá jẹ́ ọ̀kan náà, èmi ò ní lò ó. Ojú ẹnì kan ni. Ta ló wá yàn án nínú 30?

Aláwòrán
Tá ò bá lo fọ́tò, kí la wá fẹ́ fi hàn? Mi ò fara mọ́ ìyẹn o, mà. Ẹ jẹ́ ká kọ "ojú ẹnì kan rèé, ọ̀sẹ̀ 4" sára fọ́tò náà gan-an.

Ọmọ Akọ̀wé
Kí n má gbàgbé tíì. Oníbàárà mi ní ká kọ "ó ń fọ májèlé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń mú ìwọ̀n ara wálẹ̀ lọ́jọ́ 3, ó sì ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lọ déédéé". Ó tún fi ọ̀rọ̀ Wásáàpù obìnrin kan ránṣẹ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru òun ti lọ látìgbà tóun ti ń mu ún. Ó ní kí n gbé e síbẹ̀ bó ṣe wà, torí "àwa kọ́ la sọ ọ́".

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì
Mo ti ń ka ìjíròrò yìí látàárọ̀, mo dákẹ́, ọ̀rọ̀ tíì yìí ló wá yọ mí lẹ́nu. Àǹtí mi kan máa ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lójoojúmọ́. Ó ka irú ọ̀rọ̀ yẹn lábẹ́ fọ́tò ife tíì kan, "ẹ̀jẹ̀ ń lọ déédéé". Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó má lo oògùn mọ́, òun ló bá wọn parí ẹ̀. Ó lo tíì náà fóṣù méjì, ó pa oògùn tì, ó sì ń sọ fún gbogbo wa pé ara òun le koko. Ìgbà tí mo wọn ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ó jẹ́ 190 lórí 110.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibi tí ẹ̀tàn náà wà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni, kì í sì í fi ara hàn. Ẹni tó ní in lè wà pẹ́ pẹ́ pẹ́ kó má mọ̀ ọ́n lára. Torí náà, ẹni tó ní "ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti lọ" láìjẹ́ pé ó wọ̀n ọ́n, bí ara rẹ̀ ṣe rí ló ń sọ, bí ara rẹ̀ sì ṣe rí ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀jẹ̀ ríru. Obìnrin tó wà lórí Wásáàpù yẹn ò parọ́, ohun tí kò lè mọ̀ ló ń sọ. Tá a bá wá gbé e sábẹ́ àwòrán ọjà, àwa la sọ ọ́. Ta ló yàn án? Ta ló gbé e síbẹ̀? Ta ló ń jèrè ẹ̀?

Ní ti "ó ń fọ májèlé", mo máa ń bi wọ́n pé májèlé wo? Kí wọ́n dárúkọ ọ̀kan. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, tí wọn ò bá sì ṣe é mọ́, ilé ìwòsàn lẹni náà máa wà, kò ní máa wá tíì. Ní ti ìwọ̀n ara, ka ohun tó wà lẹ́yìn páálí ẹ̀. Ṣé Senna wà níbẹ̀?

Ọmọ Akọ̀wé
Háà. Ó wà níbẹ̀, òun ni ìkejì.

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì
Mo mọ̀. Oògùn tó ń mú kéèyàn yàgbẹ́ ni Senna, kì í ṣe ewé lásán. Ẹni tó bá mu ún fọ́jọ́ 3, tó wá gorí òṣùwọ̀n, nọ́ńbà náà á wálẹ̀ lóòótọ́. Omi àti ìgbẹ́ ló jáde, ọ̀rá ò gbé ẹsẹ̀. Tó bá mu omi tó sì jẹun, gbogbo ẹ̀ á padà. Ṣé ẹ rí i pé "ó ń mú ìwọ̀n ara wálẹ̀ lọ́jọ́ 3" jẹ́ òótọ́ lórí òṣùwọ̀n, ó sì tún jẹ́ ẹ̀tàn lẹ́nu?

Ohun tó yẹ kó wà lábẹ́ àwòrán yẹn ni pé Senna wà nínú ẹ̀, pé ó ń mú inú ṣí, àti pé kí wọ́n má lò ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ láìbá dókítà sọ̀rọ̀. Ìlà àkọ́kọ́ ni kó wà o, kì í ṣe ìsàlẹ̀.

Òǹtajà Kékeré
Ẹ̀gbọ́n, tíì ni mo ń tà, mi ò kì í ṣe ilé iṣẹ́ oògùn. Ta ló ń kọ ewu sábẹ́ fọ́tò ẹlẹ́wà?

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì
Kim Kardashian kọ ọ́. Lọ́dún 2015, ó gbé fọ́tò sórí Ínsítágíráàmù, ó ń yin Diclegis, oògùn èébì inú oyún, kò sì mẹ́nu kan ewu kankan níbẹ̀. Àjọ FDA tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ oògùn ní Amẹ́ríkà kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ni oògùn náà pé ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Ó pa á rẹ́, ó sì tún òmíràn gbé síbẹ̀ tí ewu oògùn náà wà nínú ẹ̀. Kíyè sí i pé gbogbo ohun tó kọ́kọ́ kọ lè jẹ́ òótọ́ lójú ẹ̀. Ohun tó yọ sílẹ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ni ọjà ni wọ́n sì kọ̀wé sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu òun lọ̀rọ̀ ti jáde.

Òǹtajà Kékeré
Ìyẹn, oògùn dókítà ni. Tèmi, tíì ni.

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì
Tíì ni títí wàá fi kọ "ẹ̀jẹ̀ ríru" sábẹ́ ẹ̀. Tó o bá ti dárúkọ àìsàn tó o ní ó ń wò ó sàn, ìwọ fúnra ẹ lo sọ ọ́ di oògùn. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, bí òfin ṣe máa wò ó gan-an nìyẹn, ohun tó o pè é ló máa fi bá ẹ ṣe.

Baba Ìṣirò
Ẹ jọ̀ọ́, mo ń dúró de ọjà kẹta. Àbúrò, kí ni wọ́n ní kó o kọ sábẹ́ ti owó?

Ọmọ Akọ̀wé
Ẹ kú àsìkò yìí, sà. Wọ́n ní kí n kọ: "Èrè 1% lójúmọ́, kò sí ewu. Owó tí a ń bójú tó ti fi 50% gòkè láti oṣù kẹfà!" Wọ́n fi àwòrán ìlà kan tó ń gòkè ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀.

Baba Ìṣirò
Ó dáa. Mú ẹ̀rọ ìṣirò, kọ èyí síbẹ̀:

```
100 * 1.01^365 = 3778
```

Ìyẹn ni pé tó o bá fi 100 síbẹ̀, tí èrè ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ń wọnú owó náà, á di nǹkan bí 3,778 lọ́dún kan. Tó bá sì jẹ́ pé o ń kó èrè náà jẹ lójoojúmọ́, 365 ni wàá kó, 100 tìẹ á ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó mọ ọ̀nà tówó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ò ní wá owó ẹ, á yá owó ní báńkì, kíá lòun fúnra ẹ̀ á di ọlọ́rọ̀. Bernie Madoff tó fi ẹ̀tàn kó owó ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ní Amẹ́ríkà títí àṣírí fi tú lóṣù Kejìlá ọdún 2008, nǹkan bí 1% lóṣù lèrè tó ń kọ sínú ìwé fún wọn. Lóṣù o! Àwọn wọ̀nyí ń pariwo lójúmọ́.

Èyí tí mo fẹ́ kó o wò dáadáa ni 50% yẹn, torí ó lè jẹ́ òótọ́, kó sì tún tan èèyàn jẹ. Ní kí wọ́n fún ẹ ní àwòrán náà láti oṣù kìíní, kì í ṣe láti oṣù kẹfà.

Ọmọ Akọ̀wé
Mo ti rí i gbà, sà. Bó ṣe wà rèé: oṣù kìíní, 100. Oṣù kẹfà, 50. Ní báyìí, 75.

Baba Ìṣirò
Ṣé o rí i? Láti 50 dé 75, 50% ni. Kò sírọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó fi 100 síbẹ̀ lóṣù kìíní ti pàdánù 25. Ìdajì ni owó náà fi lọ sílẹ̀, ìdajì ohun tó kù ló sì fi padà, ìdajì kejì kéré sí ti àkọ́kọ́. Wọ́n yan oṣù kẹfà torí ibẹ̀ ni ìsàlẹ̀ kòtò. Àwòrán ìlà tó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kòtò, òkè nìkan ló máa kọjú sí.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ òwò tó lófin nídìí, ohun tó o lè kọ nìyí: "Lóṣù kìíní, 100 ni. Ó lọ sílẹ̀ dé 50 lóṣù kẹfà. Ní báyìí, 75 ni. Owó yín lè dín kù." Wò ó, gbogbo ẹ̀ ṣì wọ létà 125. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń gba owó iṣẹ́, kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú nọ́ńbà yẹn tàbí wọn ò tíì yọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ti "kò sí ewu" pẹ̀lú "1% lójúmọ́", mi ò ní bá ẹ tún un kọ. Kò sí bí èèyàn ṣe lè kọ ọ́ tó máa di òótọ́. Lọ wò ó nínú ìwé àkọsílẹ̀ àjọ tó ń bójú tó ìdókòwò níbi tí wọ́n ti ń gbowó yẹn bóyá orúkọ wọn wà níbẹ̀. Orúkọ gan-an ni kó o wá, má gba fọ́tò ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn.

Ojú Inú
Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi ń gba 1% tiẹ̀ lójoojúmọ́ níbì kan, ó ti gbà á fóṣù mẹ́ta. Ó wà láàyè, ó sì ń jẹun. Ṣé irọ́ lèyí náà?

Baba Ìṣirò
Ó lè máa gbà á lóòótọ́. Owó ta ló ń gbà? Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, owó ẹni tó wọlé lánàá ni wọ́n máa ń san fún ẹni tó wọlé lóṣù tó kọjá. Ní kó gbìyànjú láti kó gbogbo owó ẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe èrè nìkan. Kó o wá padà wá sọ ohun tí wọ́n sọ fún un.

Ojú Inú
Màá sọ fún un.

Òǹtajà Kékeré
Ọ̀rọ̀ kan tún kù tẹ́nì kankan ò tíì dáhùn. Tí ẹni tó ni ọjà bá ní òun ló máa gba ẹ̀bi, tó sì kọ ọ́ sínú ìwé, ṣé ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ti bọ́?

Ìyá Alápòpọ̀
Ìyẹn lè ràn án lọ́wọ́ láàárín òun àti oníbàárà ẹ̀. Mi ò rò pé ó dí ẹnu ẹlòmíì tó bá fẹ́ bi í. Ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò nìyẹn, ilẹ̀ kan ò sì jọ òmíràn. Ohun tí mo mọ̀ ni kó tọ́jú gbogbo fáìlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́, kó sì kọ ìlà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: "28 nínú 30, ó wà nínú fáìlì kejì, ojú ewé kìíní." Gbólóhùn tí kò bá rí fáìlì tó máa so mọ́, kó pa á rẹ́ kó tó gbé e jáde.

Ọmọ Akọ̀wé
Mo padà dé. Mo so fáìlì mọ́ gbólóhùn bí ìyá wa ṣe sọ. Nínú ọ̀rọ̀ ìpara tó kọ́kọ́ kọ, gbólóhùn mẹ́rin ló wà níbẹ̀, kò sí ọ̀kan tó rí fáìlì so mọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Mo fi gbólóhùn "28 nínú 30" ránṣẹ́ sí i. Ó kọ́kọ́ bínú, ó ní mo ti pa ọjà òun. Lálẹ́, ó ní kí n gbé e jáde, àmọ́ ó ṣì fẹ́ fọ́tò "kó tó lò ó àti lẹ́yìn tó lò ó" níbẹ̀. Mi ò tíì dá a lóhùn.

Ní ti tíì, ó gbà ká yọ ẹ̀jẹ̀ ríru àti májèlé kúrò, ó sì ní ká má lo ọ̀rọ̀ Wásáàpù yẹn mọ́. Kò gbà ká kọ Senna sí ìlà àkọ́kọ́. Mo ní mi ò ní kọ ọ́ nígbà náà. Ti owó, mo wá orúkọ wọn nínú ìwé àkọsílẹ̀ àjọ, kò sí níbẹ̀. Mo dá iṣẹ́ yẹn padà.

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì
O ṣe é re, àbúrò.

Aláwòrán
Ní kó ya fọ́tò tuntun, fèrèsé kan náà, aago kan náà. Màá kọ́ ẹ bó o ṣe máa ṣe é.

Ìyá Alápòpọ̀
Èmi ṣì dúró lórí ohun tí mo sọ nípa fọ́tò o.

Ọmọ Akọ̀wé
Ìbéèrè kan ló kù, mà. Oníbàárà mi bi ẹni tó ń po ìpara náà fún un, wọ́n ní 0.5% Niacinamide ló wà níbẹ̀. Ó wá ń béèrè pé tí wọ́n bá sọ ọ́ di 5%, ṣé mo lè wá lo ìwé ìwádìí yẹn?

Ìyá Alápòpọ̀
Ó máa sún mọ́ ọn ju ti báyìí lọ. Àmọ́ ohun tí wọ́n fi po ti inú ìwé yẹn lè yàtọ̀ sí tiwọn, ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n sì lò ó, ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́? Kí ni wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀ sí àmì dúdú náà, ṣé ó dín kù ni, àbí ó pòórá? "Dín kù" ni mo rò pé wàá rí níbẹ̀. Fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi ní ìdákọ́ńkọ́, màá bá ẹ kà á.